Bí a ṣe tún ìwé ìbéèrè owó ẹnì kan kọ níbi iṣẹ́ wa

Akántì Òkè-Fìà
Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akántì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa lọ ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ó dé, ó kọ̀wé pé: "Mo ná tó nǹkan bí ₦50,000, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà fún mi. Àwọn rìsíìtì wà nínú ẹ̀." Ọ̀gá wa ò fọwọ́ sí i. "Tó nǹkan bí" yẹn ò ṣe é san. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti gba ₦30,000 kó tó gbéra, kò sì mẹ́nu bà á.

A jọ jókòó, a fi bírò kọ nọ́ńbà sára rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, a wá tún un kọ:

"Mo ń béèrè ₦18,000 tí mo fi owó ara mi ná níbi iṣẹ́ Ìbàdàn. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ₦12,000, rìsíìtì 1 àti 2. Òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan, ₦25,000, rìsíìtì 3. Oúnjẹ, ₦7,500, rìsíìtì 4 àti 5. Fọ́tókọ́pì, ₦3,500, rìsíìtì 6. Àpapọ̀ jẹ́ ₦48,000. Mo ti gba ₦30,000 ṣáájú."

Rìsíìtì 3 ló gbà wá lásìkò jù. ₦28,000 ló wà lójú ẹ̀, torí wọ́n bá a fọṣọ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ wa kì í sì í san owó aṣọ fífọ̀. Ká ní a kọ ₦25,000 ká sì dákẹ́, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á rí i pé iye méjèèjì ò bára mu, á dá ìwé padà. A fi kún un pé: "₦28,000 ló wà lórí rìsíìtì 3; mo ti yọ ₦3,000 owó aṣọ fífọ̀ kúrò." Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Èmi máa ń so gbogbo rìsíìtì pọ̀ ni, màá kọ àpapọ̀ síwájú, wọ́n á sanwó. Àpapọ̀ ṣáà ni wọ́n ń wò.

Akántì Òkè-Fìà
Òun ni ọ̀gá ń wò lóòótọ́. Ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀gá ló ń wá ibi tí iye náà ti jáde. Bí rìsíìtì bá jẹ́ méjì, kò le. Bó bá pọ̀, tí ọ̀kan já bọ́, ta ló máa mọ èyí tó sọnù?

Ìyá Ìbejì
Ẹ gbà mí o. Rìsíìtì pí-ó-ẹ́ẹ̀sì tí mo fi sí báàgì ti ṣá, ó funfun báláú. Ṣé owó mi ti lọ nìyẹn?

Akántì Òkè-Fìà
Kò tíì lọ, mà. Bébà yẹn kì í fẹ́ ooru. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì ní báńkì, kí ẹ fàlà sábẹ́ ìnáwó náà. Ìyẹn á fi hàn pé owó jáde, àmọ́ kò ní sọ ohun tí ẹ rà. Torí náà, ẹ ní kí ṣọ́ọ̀bù kọ rìsíìtì míì fún yín, kí wọ́n kọ "ẹ̀dà" sí i lára. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbà á gan-an ni kí ẹ yà á ní fọ́tò.

Ará Òkè-Bàálẹ̀
Ọ̀kadà ńkọ́? Láti Ọláìyá dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ta ló ń fúnni ní rìsíìtì?

Akántì Òkè-Fìà
Níbi iṣẹ́ wa, ẹ ó kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbéra, ibi tí ẹ dé àti iye, ọ̀gá ẹ̀ka yín á fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ìgbọ̀nà
Tiwa kì í gba ìyẹn. Kò sí rìsíìtì, kò sí owó. Bí mo bá fi fóònù sanwó fún ọlọ́kadà ńkọ́?

Akántì Òkè-Fìà
Àwọn mìíràn máa ń gbà á, bí ọjọ́ àti iye bá bá ohun tí ẹ kọ mu. Tiyín ni mi ò lè sọ. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tún jáde.