Báwo ni mo ṣe lè gé òjìji kúrò lára àwòrán fèrèsé tí mo ti yà tẹ́lẹ̀ lórí Mac?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, mo sì ti fi Command-Shift-4 àti Space ya àwòrán fèrèsé 30 kí n tó mọ̀ pé, bí ènìyàn bá di Option mú nígbà tí ó ń tẹ fèrèsé náà, òjìji kò ní bá a wá. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni ó há mi lọ́wọ́, nítorí pé a ti pààrọ̀ ètò tí mo yà, n kò sì lè ṣí àwọn fèrèsé ọ̀hún mọ́.

Mo gbìyànjú èyí:

```
magick ferese.png -trim +repage tuntun.png
```

Ibi tí kò ní àwọ̀ rárá nìkan ni ó gé. Òjìji dúró, nítorí pé ó ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gé ìwọ̀n kan náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí òjìji ìsàlẹ̀ gùn ju ti òkè lọ. Àwòrán iwájú ìwé nìkan ni mo fẹ́ kí òjìji rẹ̀ wà.

Àṣẹ wo ni yóò gé àwọn 29 yòókù lẹ́ẹ̀kan náà, dé ibi tí fèrèsé gan-an ti bẹ̀rẹ̀, láìba àwọn igun rẹ̀ tí ó ṣe roboto jẹ́?