Kí la máa pe káàdì tí kò bá mẹ́ta yòókù rìn?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìjokòó o. Nínú pókà Òmáhà tí wọ́n ti ń fúnyàn ní káàdì mẹ́rin, tí ọ̀kan ò bá bá mẹ́ta tó kù ṣe rárá, kí la lè pè é? Ṣé “àléébù” á ṣe é?

Bọ̀dé: Àléébù kọ́, káàdì yẹn fúnra ẹ̀ lè dáa. “Anìkanjẹ̀” ni tèmi, bí àgùntàn tó yà kúrò nínú agbo. Méjì géérégé lo gbọ́dọ̀ mú lọ́wọ́ ẹ, kó o wá mú mẹ́ta lórí tábìlì, torí náà ọ̀nà mẹ́fà lo lè gbà mú méjì nínú mẹ́rin yẹn. Ká ní kíńgì, kúìnì, jáákì àti mẹ́ta ló wọlé, kíńgì pẹ̀lú kúìnì dáa, kíńgì pẹ̀lú jáákì dáa, kúìnì pẹ̀lú jáákì náà dáa, àmọ́ mẹ́ta yẹn ò bá ìkankan wọn rìn, ìdajì ọwọ́ ẹ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó ṣí nǹkan kan.

Làmídì: Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi. Tí wọ́n bá ti bára mu ó parí nìyẹn, éèsì mẹ́rin ló wá dáa jù!

Bọ̀dé: Rárá o, àbúrò. Méjì náà lo máa lò, éèsì tó yẹ kó bọ́ sórí tábìlì wá ràn ẹ́ lọ́wọ́, ìwọ lo dì í mú, kò sí ìkankan mọ́ nínú páálí. Bẹ́ẹ̀ ni súpéèdì mẹ́rin náà ṣe ń dínà mọ́ra ẹ̀. Éèsì méjì pẹ̀lú kíńgì méjì, kí éèsì kan àti kíńgì kan jẹ́ súpéèdì, kí méjì tó kù jẹ́ háàtì, irú ẹ̀ là ń wá.

Ìyá Tóbi: Ẹ gbà mí o. Ní kasínò kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, éèsì súpéèdì wà lọ́wọ́ mi, súpéèdì mẹ́rin wà lórí tábìlì, wọ́n ní mi ò ní fulọ́ọ̀ṣì, wọ́n kówó fẹ́lòmíì. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ?

Bọ̀dé: Wọn ò rẹ́ yín jẹ, mà. Mẹ́ta péré lẹ lè mú lórí tábìlì, tiyín ọ̀kan, ó di súpéèdì mẹ́rin, fulọ́ọ̀ṣì sì ń fẹ́ márùn-ún. Ká ní súpéèdì kejì wà lọ́wọ́ yín ni.

Àdùkẹ́: Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, “anìkanjẹ̀” ń kọ mí lóminú. Ọ̀pọ̀ ò kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ níbí, wọ́n á kà á sí ẹni tó dá nìkan jẹ ayò, ìyẹn sì ti yí i sódì pátápátá. “Àtọ̀húnrìnwá” ńkọ́?

Làmídì: Ó gùn jù, àǹtí. Tó bá wá jẹ́ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ àti éèsì ńkọ́, tí éèsì àti mẹ́wàá jọ jẹ́ háàtì? Éèsì ò sí nínú ẹbí yẹn, àmọ́ ó lè di fulọ́ọ̀ṣì tó ga jù. Ṣé àtọ̀húnrìnwá náà nìyẹn?

Bọ̀dé: Ìbéèrè yẹn dáa gan-an. Lójú tèmi kì í ṣe òun, torí ó rí ẹnì kan bá rìn, àmọ́ kò bá mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ ṣe nǹkan kan. Bóyá ọ̀rọ̀ méjì la nílò, ọ̀kan fún èyí tí kò ní ẹnì kankan rárá bíi mẹ́ta yẹn, òmíì fún èyí tó ní ẹyọ ọ̀rẹ́ kan. Èyí ẹ̀yìn yẹn ni mi ò tíì rí orúkọ fún.