Ọ̀tún ta ni? Lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi ka pláànù ilé fún ẹ̀rọ ayàwòrán

Ìbéèrè, láti Iléṣà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe pláànù pálọ̀ kan fún ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ilé. Bí mo bá ní "ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún", ibòmíràn ló ń gbé e sí, nígbà mìíràn á ya ilẹ̀kùn kẹta tí kò yẹ kó sí níbẹ̀, nígbà mìíràn á yí gbogbo yàrá padà bíi ti inú dígí. Kí ni Yorùbá tó péye fún ọ̀tún àti òsì ilé, àti fún ilẹ̀kùn, tí ètò yàrá kò fi ní yẹ̀?

Olùkọ́ èdè, Ilé-Ifẹ̀:

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Ilé ní ojú, ó ní ẹ̀yìn, nítorí náà ó yẹ kó ní ọ̀tún àti òsì tirẹ̀. Bí ilé bá kọjú sí títì, ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo títì. Ṣùgbọ́n àlejò tó ń bọ̀ láti títì á ní ọwọ́ ọ̀tún òun ni ọ̀tún ilé. Yorùbá ni méjèèjì, wọn kò sì bára mu. Mo dábàá pé kí a máa sọ pé ọ̀tún ìwọlé fún ti ẹni tó ń wọlé, kí a sì máa sọ pé ọ̀tún ìjáde fún ti ẹni tó ń jáde. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀dọ́ Modákẹ́kẹ́:

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó báyìí. Ẹ kọ ìwọ̀n, ó tán. Ẹ sọ pé ilẹ̀kùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, pé ó jìnnà sí igun ní 30, pé yàrá jẹ́ mítà báyìí sí mítà báyìí. Nọ́ńbà kò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì, kò sì lè purọ́.

Ayapláànù, Òkèṣà, Iléṣà:

Àbúrò mi ti Modákẹ́kẹ́, òótọ́ ni pé ìwọ̀n kò ṣeé fi ṣeré, èmi náà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìní in. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò ní tépù lọ́wọ́. Àwòrán yàrá lóríṣiríṣi ni wọ́n fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tó ń kọ "sẹ̀ǹtímítà 30 sí igun" sábẹ́ fọ́tò pálọ̀. Ìwọ̀n wúlò fún ìwọ tí o fẹ́ ṣírò ohun tí ojú máa rí. Ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́ ni ògiri wo, ìpẹ̀kun wo, kí ló tẹ̀lé kí.

Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, mo gba ọ̀tún ìwọlé. Àmọ́ kò tíì tó. Pláànù ń wo ilé láti òkè, bí ẹni pé a ṣí páànù kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀tún kan ṣoṣo tó ní ni ọ̀tún ìwé. Àwòrán tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ yà, ojú ẹni tó dúró nínú yàrá ló ń wò ó. Láàárín méjèèjì yìí ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ojú dúró sí àti ibi tó kọjú sí. Èmi ń pè é ní ìdúró ojú. Bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn jù, ẹ mú un wá.

Ẹni tó béèrè ti fi pláànù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ jẹ́ kí a fi ṣiṣẹ́. Pálọ̀ náà fẹ̀ ní mítà 4.2, ó gùn ní mítà 5.4. Ògiri gúúsù ni ilẹ̀kùn àbáwọlé wà. Ní ògiri àríwá, ọ̀nà kan ṣí sí kọ́rídọ̀, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, ó sì fi 30 péré sílẹ̀ sí igun ìlà oòrùn. Ní ògiri ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀kùn yàrá ìbùsùn wà nítòsí igun àríwá. Ògiri ìlà oòrùn ní fèrèsé méjì: èkíní bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí igun gúúsù, ó sì parí ní mítà 2, èkejì bẹ̀rẹ̀ ní mítà 3.4.

Ó yẹ kí ojú dúró sí àárín ògiri gúúsù, kó fẹ̀yìn tì í, kó kọjú sí àríwá. Lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn àbáwọlé ti bọ́ sẹ́yìn ojú. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ mọ́! Bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ̀rọ á wá ibi tó máa yà á sí, iwájú yín ló sì máa yà á sí. Ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn kẹta tí ẹni tó béèrè ń rí ti ń wá.

Fèrèsé àkọ́kọ́ náà ń kọ́? Lẹ́ńsì mílímítà 24, tí àwọn tó ń ya fọ́tò inú ilé fẹ́ràn, ń rí nǹkan bíi dígírì 74 láti ọ̀tún dé òsì. Bí a bá ṣírò rẹ̀ nínú yàrá yìí, apá ògiri ẹ̀gbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti mítà 2.8 síwájú ibi tí ojú dúró sí nìkan ni ojú máa rí. Fèrèsé tó parí ní mítà 2 kò sí nínú àwòrán rárá. Bí a bá kọ "fèrèsé méjì lọ́wọ́ ọ̀tún", ẹ̀rọ á fún méjèèjì pọ̀ sí apá kékeré tó kù, tàbí kó gbé ọ̀kan lọ sí ògiri iwájú, á sì ti ọ̀nà kọ́rídọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Fèrèsé kan ni kí ẹ kọ.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ láàmú ni èyí. Ní mítà 5.4, lẹ́ńsì yẹn ń rí fífẹ̀ tó tó mítà 8.1. Ògiri iwájú tó jẹ́ mítà 4.2 kò ju nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ àwòrán lọ. Ọ̀nà kọ́rídọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún ògiri yẹn kò sí ní etí ọ̀tún àwòrán. Ó kan kọjá àárín díẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá kọ "lápá ọ̀tún àwòrán" ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sórí ògiri ẹ̀gbẹ́. "Ìpẹ̀kun ọ̀tún ògiri iwájú" ni kó kọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣì ń tẹ̀ fún un, nítorí òun ló gbọ́ jù. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá fún ara mi ná, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́:

```
Eye-level view, facing the far wall straight on.
Left wall: one closed door at its far end.
Far wall: solid wall, then one open doorway at its right end.
Right wall: one window.
```

Ẹ wò ó pé láti òsì lọ sí ọ̀tún ni mo tò ó, ògiri kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má kọ "kò sí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ọ̀tún". Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbọ́ "ilẹ̀kùn", wọn kò gbọ́ "kò sí".

Káfíńtà, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà:

Ẹ jọ̀ọ́ o. Gbogbo yín ń sọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, ẹ kò sọ ibi tó ń ṣí sí. Oníbàárà kan gbé irú àwòrán ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá fún mi, ó ní bó ṣe rí nìyẹn ni kí n ṣe é. Wọ́ọ̀dùróòbù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, híńjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí tó ìdajì. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ní fún ìyẹn?

Ayapláànù:

Bàbá, kì í ṣe ohun tí wọ́n béèrè nìyẹn, ṣùgbọ́n ó wúlò. Nínú pláànù, ìlà róbótó tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń sọ ibi tó ń ṣí sí. Ẹ̀rọ ayàwòrán kò mọ̀ ọ́n. Ó lè fi híńjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Pláànù ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ fi àwòrán yẹn mọ àwọ̀ àti irú igi tí oníbàárà fẹ́, kó mọ níbẹ̀.

Olùkọ́ èdè:

Kí a má gbàgbé ìdajì kejì ìbéèrè. Igi tàbí irin tí a ń tì ni ilẹ̀kùn. Àyè tí a ń gbà kọjá ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà kọ́rídọ̀ yìí kò ní ilẹ̀kùn, nítorí náà irọ́ ni bí a bá pè é ní ilẹ̀kùn. Bí a bá pè é ní ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn á rò pé àbáwọlé ilé ni. Mo dábàá ẹnu ọ̀nà gbayawu.

Ọ̀dọ́ Modákẹ́kẹ́:

Gbayawu kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni pé olè ló fọ́ ọ. "Ọ̀nà aláìnílẹ̀kùn" kò ha tó?

Ẹni tó béèrè:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ayapláànù bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn kẹta ti lọ, fèrèsé di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó tún un yà, ọ̀nà kọ́rídọ̀ sún sí àárín ògiri, nínú òmíràn ó sì yí sí òsì. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tún wà tó lè dè é mọ́lẹ̀?

Ayapláànù:

Ọ̀rọ̀ nìkan kò lè dè é. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn. Fi ìlà ya àpótí yàrá náà bí ojú ṣe máa rí i: ògiri iwájú láàárín, ìlà mẹ́rin láti igun rẹ̀ sí igun ìwé, àti ìlà fún ilẹ̀kùn, ọ̀nà àti fèrèsé. Má ya àga kankan sí i. Fi í fún `ControlNet`, àfikún tó ń mú kí ẹ̀rọ tẹ̀lé àwòrán tí o fún un, kí o mú irú tó ń tẹ̀lé ìlà tààrà, `MLSD`. Ìlà á di ipò mú, ọ̀rọ̀ á sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́, torí lójú ẹ̀rọ, fèrèsé gígùn àti ilẹ̀kùn lè jọra. Bí o bá fẹ́ gba `img2img` dípò rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tún àwòrán tí o fún un yà, wo `denoising strength`, ìyẹn bó ṣe máa yí i padà tó: bó bá sún mọ́ 1, ẹ̀rọ á gbàgbé ohun tí o yà, bó bá sún mọ́ 0, ohun tí o yà náà ló máa dá padà fún ọ.

Kí o tó fi han oníbàárà, ka ihò ògiri láti òsì lọ sí ọ̀tún: ilẹ̀kùn, ògiri gbọọrọ, ọ̀nà, igun, fèrèsé. Bó bá jẹ́ pé láti ọ̀tún lọ sí òsì ni ìtò yẹn ti pé, ó kàn yí i bíi ti dígí ni. Yí àwòrán padà, ó ti bọ̀ sípò. Bí ìtò bá dàrú, sọ ọ́ nù.

Olùkọ́ èdè:

Mo gba "ìdúró ojú" wọlé. Ti "gbayawu", n kò tíì fà sẹ́yìn o. "Ọ̀nà aláìnílẹ̀kùn" ṣì ń dárúkọ ilẹ̀kùn, ayapláànù fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé ẹ̀rọ kò gbọ́ "kò sí".

Ọ̀dọ́ Modákẹ́kẹ́:

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n. Èèyàn ni Yorùbá wà fún, èèyàn sì gbọ́ "aláì-".