Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kòkòrò ara ògiri wa

"Ẹ jọ̀ọ́, kòkòrò wo lèyí lára ògiri yàrá wa ní Kàbbà? Ṣé ó léwu?"

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn ìbéèrè yìí tí mo fi fọ́tò kòkòrò náà béèrè. Ẹni tó mọ kòkòrò dáadáa láàárín yín ní ó jọ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní ṣáḿpíọ́nù gan-an: orí dúdú, àyà pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyẹ́ kúkúrú aláwọ̀ búlúù tó ń dán. Ẹni tó pè é ní èèrà kò jìnnà, ìrìn wọn jọra, ṣùgbọ́n èèrà kò ní irú ìyẹ́ yẹn. Ṣáḿpíọ́nù kì í ta ni; omi ara rẹ̀ ló ń jó awọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fẹ́ ẹ kúrò lára. Bó bá ti fọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ kíá, kí ọwọ́ má kan ojú, torí ó lè di ọjọ́ kejì kí ibẹ̀ tó lé róró. Fọ́tò kan ṣoṣo yẹn kò fi bí ó ṣe tóbi tó hàn, nítorí náà a ò mọ irú ṣáḿpíọ́nù tó jẹ́. Màmá tó béèrè nípa ojú ọmọ wọn tó wú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, fọ́tò mi kò lè dáhùn ìyẹn.