Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ déètì sínú ímeèlì tí kò fi ní dá wàhálà sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́sítọ́mà wa kan ní Amẹ́ríkà ló kọ̀wé pé ká ṣe mítìn ní 03/06/2025, èmi kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù Júùnù, mo fọkàn balẹ̀, àṣé ọjọ́ kẹfà oṣù Máàṣì ló ń sọ, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú lọ́hùn-ún. Ó jókòó dè mí títí, mi ò yọjú. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti kọ 02/27/2025 sínú ímeèlì tó ṣáájú, ṣé oṣù kẹtàdínlọ́gbọ̀n wà ni? Ó yẹ kí n ti fura.

Ní báyìí mo ti ń kọ ọ́ báyìí: 2025-03-06, ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, àmọ́ ọ̀gá mi ní ó dà bíi nọ́ńbà rìsíìtì, pé kí n kúkú máa kọ orúkọ oṣù àti ọjọ́ ọ̀sẹ̀, bíi Tọ́sìdeè, 6 Máàṣì. Èwo lẹ̀yin ń lò?

Èkejì, oníbàárà yìí kan náà ṣì ń kọ "10:00 EST" nínú oṣù Júláì, nígbà tí New York ti bọ́ sí EDT, ìyẹn aago ìgbà ooru wọn tó fi wákàtí kan yá ju EST lọ. Tí mo bá tẹ̀ lé EST, aago 15:00 UTC ni, tó bá jẹ́ EDT, 14:00 ni. Ṣé kí n kàn gbà pé aago New York ló ní lọ́kàn ni, àbí kí n bi í? Mi ò fẹ́ kó máa wò mí bí ẹni tó ń ṣe àṣejù o.