Ìju ẹyin kẹ̀?

Mosún: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìwé kan fún àwọn obìnrin, mo pe fáíbírọ́ìdì ní "ìju", mo wá pe àìsàn ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní Pí-Sí-Ó-Ẹ́ẹ̀sì ní "ìju ẹyin", torí àwọn méjèèjì ló ń da nǹkan oṣù rú. Ṣé ó bọ́ sí i?

Àlàbí: Kò bọ́ sí i rárá! Ìju ni ẹran tó hù lára iṣan ilé ọmọ, ó le, wọ́n lè gé e jáde. Ní ti Pí-Sí-Ó-Ẹ́ẹ̀sì, kò sí ohun tó hù nínú ilé ẹyin. Ẹyin tó yẹ kó gbó kó sì jáde lóṣooṣù ló dúró lágbede méjì, àwọn apò omi tíntìntín yẹn ni wọ́n ń rí. "Àìgbó ẹyin" ni kẹ́ ẹ kọ.

Ìyá Ṣadé: Àìgbó àbí àìgbọ́? Ẹni tí ò bá rí àmì yóò rò pé ẹyin ya adití ni. Àbúrò mi pẹ́ tí kò rí nǹkan oṣù, ó wá dé, ó ń ya, wọ́n ní ìju ni, wọ́n ta àgbo ìju fún un lọ́jà. Nígbà tó ṣe sikáànù, kò sí ìju kankan níbẹ̀. Irùngbọ̀n ló ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Èmi mọ̀ pé ìju ńlá ló ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tiẹ̀ ò sì ní ìju.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ìyá Ṣadé, ibi tí ìju wà ló ṣe kókó ju títóbi rẹ̀ lọ. Èyí tó yọ sínú ilé ọmọ lè kéré kó sì mú ẹ̀jẹ̀ ya, èyí tó tóbi lẹ́yìn ìta lè má mú un pọ̀ rárá. Ti ìju sábà máa ń bọ̀ lásìkò, ó kàn ń pọ̀, ó ń pẹ́, ó ń dì. Ti àbúrò yín, ó ń pẹ́ kó tó dé, ó lè ju ọjọ́ 35 lọ, inú ilé ọmọ á ti nípọn, ìdí nìyẹn tó fi ń ya tó bá dé. A á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lóyún. Sikáànù nìkan ò tó o, torí ọmọdébìnrin tára rẹ̀ dá lè ní apò omi bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́ta, dókítà ń wá méjì: oṣù tó ń ṣe ségesège, họ́mónù ọkùnrin tó pọ̀jù, àti ilé ẹyin tí apò omi kún. Oṣù àti irùngbọ̀n ti pé méjì lára àbúrò yín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún họ́mónù táírọ́ìdì tó ń ti ọrùn wá àti pùrólákítìnì tó ń mú omi ọmú wá, torí bí àwọn yẹn náà bá ṣe ségesège, wọ́n lè dá oṣù dúró.

Mosún: Inú rírun ńkọ́? Ìwé náà ní gbogbo wọn ló ń fà á.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ẹ yọ ọ́ kúrò níbi ti ilé ẹyin, kì í sábà fa ìrora tó le. Tí inú bá ń run débi pé kò lè dìde, tí wọn ò sì rí ìju, kí wọ́n wá nǹkan míì, bí awọ inú ilé ọmọ tó ń hù sí ibòmíì.

Àlàbí: Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá ka "ìju ẹyin" yóò máa wá ẹni tí yóò gé e fún un. Àìgbó ni. Kò sí àmì kankan lábẹ́ "gbó", ẹnikẹ́ni tó bá kàwé yóò rí i.

Ìyá Ṣadé: Àwọn ará ọjà tó ń ka ìwé yìí kì í fi àmì kàwé, Àlàbí. Ìyá mi àgbà gbẹ̀bí títí ó fi darúgbó, kò pe nǹkan kan ní àìgbó rí.

Àlàbí: Ìyá àgbà yín ò rí sikáànù rí náà.