Ìbéèrè orí fóònù kí n tó lọ wo Kòrólà: mo ti rà á

"Mo fẹ́ ra Kòrólà 2008 lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó n'Íbàdàn. Kí ni kí n bi í kí n tó kúrò l'Ékòó?"

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn; ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín. Ìmọ̀ràn bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì ló ṣiṣẹ́ jù: kí n ní kí ẹni tó ń tà á má tan ọkọ̀ náà títí màá fi dé, kí n lè rí bó ṣe ń ṣe nígbà tó bá tutù. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè kò gbà, mi ò lọ. Ẹnì kejì gbà. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Nígbà tó tan án, kò yọ èéfín, ẹ́ńjìnnì ò sì pariwo.

Kí n tó lọ, ẹni tó tà á ti fi fọ́tò nọ́ńbà ṣáásì àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Wọ́n bára mu, àmọ́ orúkọ ẹlòmíì ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n wá fọwọ́ sí ìwé títà fúnra wọn, wọ́n sì wá.

Iye kìlómítà tí ẹnì kan ní kí n béèrè wúlò díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè yí i padà.

Ó kú jíà: bó bá ti gbóná, ó máa ń ta gìrì díẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá pípààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ á tó.